Agbára wo ni ẹ̀rọ géèmù àtijọ́ kọ̀ọ̀kan ń bèèrè lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà? PS2 kò sáré lórí láptọ́ọ̀pù mi

Ọmọ Ìpẹru

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Mo ra láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde lẹ́yìn Iléyá. `Intel Core i5-4300U` ló wà nínú rẹ̀, RAM rẹ̀ sì jẹ́ gígábáìtì 8. Géèmù GBA àti ti PS1 ń lọ lórí rẹ̀ bí ẹni pé inú ẹ̀rọ tiwọn gan-an ni wọ́n wà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé géèmù bọ́ọ̀lù PS2 mi sínú PCSX2, ètò tó ń mú kí kọ̀ǹpútà ṣe bí PS2, àwọn agbábọ́ọ̀lù ń rìn bí ẹni tó ń wọ́ ẹsẹ̀ nínú ẹrọ̀fọ̀, ohùn tó ń ròyìn bọ́ọ̀lù sì ń já wẹ́wẹ́. Mo ra RAM sí i, ó di 16, kò yí ohunkóhun padà. Agbára wo gan-an ni ẹ̀rọ géèmù àtijọ́ kọ̀ọ̀kan ń bèèrè, báwo ni mo sì ṣe lè mọ ohun tó ń fa tèmi sẹ́yìn kí n tó tún náwó? Inú PS2 tèmi, tí ojú tó fi ń ka dísíìkì ti kú, ni mo ti yọ BIOS tí mo ń lò, ìyẹn ètò ìbẹ̀rẹ̀ PS2 tí PCSX2 ń bèèrè.

Ará Sábó Ṣágámù

Ọ̀rẹ́ mi, má wulẹ̀ bá pírósẹ́sọ̀ jà. Ṣí `Task Manager` nígbà tí géèmù náà bá ń lọ lọ́wọ́, kí o wo iye tó wà níwájú CPU. Bí kò bá ti súnmọ́ 100%, a jẹ́ pé pírósẹ́sọ̀ náà ṣì ní agbára tí kò tíì lò. Ẹ̀rọ àwòrán ni ìṣòro irú láptọ́ọ̀pù bẹ́ẹ̀, nítorí pé kò dá dúró fúnra rẹ̀, inú pírósẹ́sọ̀ ni wọ́n kó o sí, RAM tí gbogbo nǹkan yòókù ń lò ni òun náà sì ń lò. Èmi ra káàdì àwòrán sínú kọ̀ǹpútà orí tábìlì tèmi, láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbé `Internal Resolution` lọ sí 3x, tí àwòrán PS2 sì ń dán gbinrin. Ta láptọ́ọ̀pù yẹn, kí o ra èyí tó ní káàdì tirẹ̀.

Ọmọ Ìpẹru

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Mo ti wò ó. 47% ló wà níwájú CPU, kò sì kọjá 52% ní gbogbo ìdajì àkọ́kọ́ bọ́ọ̀lù náà. Ó jọ pé ọ̀rọ̀ yín rí bẹ́ẹ̀. Mo ti ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ nípa títa láptọ́ọ̀pù náà.

Atúnrọṣe Òde

Àbúrò, jọ̀wọ́ má tíì tà á. 47% tí o rí yẹn gan-an ló jẹ́ kí n gbà pé pírósẹ́sọ̀ ni ọ̀rọ̀ wà lọ́rùn rẹ̀.

Pírósẹ́sọ̀ rẹ ní ọpọlọ méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì lè gba iṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà ọ̀nà mẹ́rin ni Windows ń kà. Bí iṣẹ́ kan bá kún ọ̀nà kan dẹ́nu, 25% péré ni `Task Manager` yóò kọ fún gbogbo rẹ̀. Bí iṣẹ́ méjì bá kún ọ̀nà méjì, yóò kọ 50%. Ìwọ wo ọkọ̀ àjàgbé kan tó gbé ẹrù wúwo ní òpópónà Ṣágámù sí Ọrẹ: bí ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá tilẹ̀ ṣófo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò lè pín ara rẹ̀ sí méjì kí ó fi sáré. Bí iṣẹ́ tó tóbi jù nínú PS2 ṣe rí nìyẹn, orí ọ̀nà kan ṣoṣo ló ń gbà kọjá.

Ohun tí ètò bíi PCSX2 ń ṣe ni pé ó ń ka gbogbo àṣẹ tí géèmù kọ fún pírósẹ́sọ̀ PS2, ó ń tú u sí àṣẹ tí pírósẹ́sọ̀ tìrẹ gbọ́, ó sì gbọ́dọ̀ parí ohun tó jẹ́ ti àwòrán kọ̀ọ̀kan láàárín ìdá kan nínú 60 ìṣẹ́jú-àáyá. Bí kò bá parí lákòókò, kò sí ibi tí yóò ti yá àkókò. Eré náà yóò falẹ̀, ohùn náà yóò sì já, nítorí pé ohùn kò dé nígbà tí ẹ̀rọ agbóhùnsókè ń retí rẹ̀.

Jẹ́ kí á ṣe ìṣirò díẹ̀ pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù tìrẹ. Bí ọpọlọ méjèèjì bá ń ṣiṣẹ́ pọ̀, mẹ́gáháàtì 2,600 ni wọ́n lè sáré dé. Pírósẹ́sọ̀ Géèmù Bọ́ì ti ọdún 1989 kò ju mẹ́gáháàtì 4.19 lọ, nítorí náà agbára tó wà lọ́wọ́ rẹ ju èyí tí ó nílò lọ púpọ̀púpọ̀. Ti GBA jẹ́ 16.78, ìyẹn ni pé tìrẹ fi bí ìlọ́po 155 yára jù ú. Ti PS1 jẹ́ nǹkan bí 33.9, o ṣì fi ìlọ́po 76 jù ú lọ. Bí a bá wá dé orí PS2, tó jáde ní ọdún 2000, ti pírósẹ́sọ̀ àgbà inú rẹ̀ súnmọ́ 295. Ìlọ́po mẹ́sàn-án kò pé mọ́ ọ lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni àṣẹ kan ṣoṣo tí PS2 ń ṣe lẹ́ẹ̀kan lè di àṣẹ mẹ́ta, mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí kọ̀ǹpútà rẹ.

Síbẹ̀, kì í ṣe ìyára nìkan ni. PS2 kì í ṣe pírósẹ́sọ̀ kan. Àgbà ibẹ̀ ni EE, àwọn méjì tó ń ṣe ìṣirò fún un ni VU0 àti VU1, èyí tó ń ya àwòrán ni GS, èyí tó sì ń bójú tó dísíìkì àti páàdì ni IOP, tí í ṣe irú pírósẹ́sọ̀ kan náà tó wà nínú PS1. Nínú ẹ̀rọ gidi, gbogbo wọn ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì ń gbọ́ ara wọn. O ti gbọ́ ìlù níwájú àwọn ẹlẹ́ṣin lọ́jọ́ Ojúde Ọba: bí ìyá ìlù ṣe ń sọ̀rọ̀ ni omele ń dá a lóhùn. Ronú pé kí wọ́n ní kí ẹnì kan ṣoṣo máa lu gbogbo ìlù wọ̀nyẹn, kí ó máa fò láti orí ọ̀kan sí òmíràn, kí ẹni tó ń jó má sì fura. Láti mú kí wọ́n bára wọn mu ni iṣẹ́ ti ń pọ̀, kò sì ṣeé pín káàkiri fún ọpọlọ mẹ́jọ, nítorí pé bí èyí bá sáré ju ìyẹn lọ, géèmù náà yóò kú sójú ọ̀nà.

Ní ti RAM, PS2 gidi kò ní ju mẹ́gábáìtì 32 lọ nínú àyà rẹ̀. Gígábáìtì 8 tí o ní tẹ́lẹ̀ ti tó.

Má gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ lásán, wò ó fúnra rẹ. Nínú PCSX2, lọ sí `Settings`, lẹ́yìn náà `Graphics`, kí o wá apá tí wọ́n pè ní `On-Screen Display`. Tan ìyára, `Show CPU Usage` àti `Show GPU Usage`. Ní igun ojú géèmù, wàá rí iye lẹ́gbẹ̀ẹ́ EE, GS àti GPU, ìyẹn ẹ̀rọ àwòrán kọ̀ǹpútà rẹ. Èyí tó bá dé 100%, tàbí tó kù díẹ̀ kó dé e, nígbà tí ìyára kò bá pé, òun ni ó ń dá àwọn yòókù dúró. Kọ ohun tí o bá rí síbí, kí o sì sọ fún wa bóyá ṣájà wà lára láptọ́ọ̀pù náà tàbí kò sí.

Ìyá Ìbejì, Ìjẹ̀bú-Igbó

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí, nítorí pé àwọn ìbejì mi ń yọ mí lẹ́nu pé àwọn fẹ́ ṣe géèmù PSP nígbà ọlidé. Fóònù Android kan ló wà nílé, kì í ṣe olówó ńlá. Mo kà á níbì kan pé pírósẹ́sọ̀ PSP lè sáré dé mẹ́gáháàtì 333, ẹ̀yin sì sọ pé ti PS2 kò tó 295. Bí láptọ́ọ̀pù odindi kò bá lè gbé PS2, tí PSP sì tún yára ju PS2 lọ, a jẹ́ pé ẹ ń sọ fún mi pé kí n lọ ra kọ̀ǹpútà ńlá nìyẹn. Èló ni kí n mú lọ sọ́jà?

Atúnrọṣe Òde

Mà, ẹ má ra nǹkan kan. Ẹ gbé PPSSPP, ètò tó ń ṣe bíi PSP, sórí fóònù yẹn, ó ṣeé ṣe gan-an kí ó gbé ọ̀pọ̀ nínú géèmù tí wọ́n ń fẹ́.

Ìbéèrè yín dára ju bí ẹ ṣe rò lọ, nítorí pé ó fi hàn pé mẹ́gáháàtì nìkan kọ́ là ń wò, èmi gan-an ló sì yẹ kí n ti ṣàlàyé rẹ̀ lókè. Nínú PSP, pírósẹ́sọ̀ kan ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ géèmù. Kò ní àwọn VU tó ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bíi ti PS2, nítorí náà kò sí ìlù púpọ̀ láti mú bára mu. Lẹ́yìn èyí, bí géèmù PSP bá fẹ́ ṣí fáìlì, tàbí tó fẹ́ kọrin, ó máa ń bẹ ètò inú PSP pé kó bá òun ṣe é. Àwọn tó kọ PPSSPP kọ ìdáhùn sí ẹ̀bẹ̀ wọ̀nyẹn fúnra wọn, fóònù sì ń dá wọn lóhùn lọ́nà tirẹ̀ láìṣe gbogbo ìrìn-àjò tí PSP gidi ń rìn. Ìdí nìyẹn tí PPSSPP kò fi nílò BIOS rárá. Ojú PSP pẹ̀lú kéré, 480 ní 272 ni, ọ̀nà tó ń gbà ya àwòrán kò sì jìnnà sí bí ẹ̀rọ àwòrán fóònù ṣe ń ṣe é. GS inú PS2 ní ìwà tó yàtọ̀, àwọn géèmù kan máa ń ya àwòrán sínú rẹ̀, kí wọ́n tún kà á jáde, kí wọ́n fi ya òmíràn, èyí sì ń fi àkókò ṣòfò púpọ̀ lórí kọ̀ǹpútà.

Bí fóònù náà bá ń falẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi `Rendering resolution` sí 1x. Bí ó bá sì ń bẹ̀rẹ̀ dáadáa, tó wá ń falẹ̀ lẹ́yìn bí ogún ìṣẹ́jú, ooru ni, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí fóònù náà sinmi, kí wọ́n má sì máa ṣe é nígbà tí ó bá ń gba iná.

Ìyá Ìbejì, Ìjẹ̀bú-Igbó

Ọlọ́run á bù kún yín. Wọ́n ti gbé e sórí rẹ̀ kí n tó parí kíkà. Eré ọkọ̀ sísá ni wọ́n ń ṣe, ó ń lọ geerege. Ti ìjà kan ni kò lọ dáadáa, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn kò fẹ́ràn ìyẹn tẹ́lẹ̀.

Ọmọ Ìpẹru

Mo ti ṣe ohun tí ẹ ní kí n ṣe, ẹ̀gbọ́n. Nígbà tí n kò fi ṣájà sí i, ìyára rẹ̀ jẹ́ 58%, EE wà ní 99%, GS 31%, GPU 40%. Mo wá fi ṣájà sí i nígbà tí iná dé, mo sì yí ètò agbára Windows sí `Best performance`. Ìyára gòkè dé 79%. EE ṣì wà ní 99%, GPU sì di 55%. `Internal Resolution` wà ní `Native` látìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀.

Ará Sábó Ṣágámù

Ó dára, mo gbà pé GPU tìrẹ kò kún. Ṣùgbọ́n n kò gbà pé ọ̀rọ̀ tèmi kì í ṣe òótọ́. Mo fi káàdì sí tèmi, ó sì yípadà lójú mi. Ta ló máa sọ pé n kò rí ohun tí mo rí?

Atúnrọṣe Òde

Kò sẹ́ni tó lè sọ bẹ́ẹ̀. Pírósẹ́sọ̀ wo ló wà nínú tiyín?

Ará Sábó Ṣágámù

`i5-8400` ni.

Atúnrọṣe Òde

Ìyẹn ló jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ọpọlọ mẹ́fà ni pírósẹ́sọ̀ yín ní, ọ̀kan nínú wọn sì lè sáré dé gígáháàtì 4 fúnra rẹ̀, nítorí pé kì í ṣe ti láptọ́ọ̀pù. EE kò wúwo fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí ẹ ń fẹ́ ni àwòrán tó dán, ẹ sì gbé e lọ sí 3x, èyí tó túmọ̀ sí pé ìlọ́po mẹ́ta ní fífẹ̀ àti ìlọ́po mẹ́ta ní gíga, ìlọ́po mẹ́sàn-án ni àmì àwòrán tí káàdì gbọ́dọ̀ kùn. Iṣẹ́ GPU ni ìyẹn, káàdì ló sì yanjú rẹ̀. Bí àbúrò wa bá gbé káàdì yín sínú láptọ́ọ̀pù tirẹ̀ lónìí, EE yóò ṣì dúró sí 99%, 79% náà kò sì ní yí padà.

Ọmọ Ìpẹru, ohun tí ṣájà ṣe fún ọ kò yà mí lẹ́nu. Bí kò bá sí ṣájà, láptọ́ọ̀pù máa ń dín ìyára pírósẹ́sọ̀ kù kí bátìrì lè pẹ́. Fún GBA, ìwọ kò ní mọ̀ ọ́n lára, nítorí pé ohun tó ṣẹ́kù ṣì pọ̀. Fún PS2, kò sí ohun tó ṣẹ́kù.

Nǹkan méjì ló kù tí o lè ṣe. Àkọ́kọ́ ni MTVU, tí wàá rí ní apá `Emulation` nínú `Settings`. Ó ń gbé iṣẹ́ VU1 kúrò lọ́rùn ọ̀nà tí EE wà, ó sì ń fi í sí ọ̀nà tirẹ̀. Bí o bá tàn án, VU yóò ní iye tirẹ̀ lójú géèmù. Lórí pírósẹ́sọ̀ ọlọ́pọlọ mẹ́rin, ó máa ń ṣe púpọ̀. Lórí tìrẹ tó jẹ́ méjì, GS náà ń wá ibi jókòó, nítorí náà má retí ohun ńlá.

Èkejì ni `EE Cycle Rate`. Bí o bá fi í sí 75%, ìwọ ń sọ pé kí PCSX2 ṣe bí ẹni pé PS2 yẹn lọ́ra ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ, kí iṣẹ́ tí yóò tú lè dín kù. Àwọn géèmù kan kò ní mọ̀ ọ́n lára, nítorí pé wọn kò lo gbogbo agbára PS2 tẹ́lẹ̀. Àwọn mìíràn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fo àwòrán. Má sì jẹ́ kí iye tó wà ní igun ojú tàn ọ́ jẹ: lẹ́yìn tí o bá ti dín in kù, ó lè kọ 100%, kí géèmù náà sì máa fa ẹsẹ̀ nínú ara rẹ̀, bí PS2 gidi ṣe máa ń fà nígbà tí nǹkan bá pọ̀ lójú rẹ̀. Aago orí pápá ni kí o wò pẹ̀lú aago ọwọ́ rẹ. Fi ìdajì bọ́ọ̀lù kan náà wọn ọ́n kí o tó yí i padà àti lẹ́yìn rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àgọ́-Ìwòyè

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àlàyé. Ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé bí ẹ̀rọ kan bá ṣe pẹ́ sí ni yóò ṣe rọrùn sí. Nintẹ́ndò 64 jáde ní 1996, Dríìmùkáàsì jáde ní 1998, pírósẹ́sọ̀ Dríìmùkáàsì sì yára tó ìlọ́po méjì ti ìṣáájú rẹ̀, síbẹ̀ N64 ló ń fún mi ní wàhálà jù. Dríìmùkáàsì ń lọ lórí fóònù mi. Ní N64, géèmù kan dára, èkejì ń ya òjìji sí ibi tí kò yẹ, ẹ̀kẹta kò ṣí rárá.

Bẹ́ẹ̀ náà ni SNES. Lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́ wa nílé, ètò SNES tó ń jẹ́ Snes9x ń sáré, èkejì tó ń jẹ́ bsnes sì ń falẹ̀ pẹ̀lú géèmù kan náà.

Atúnrọṣe Òde

Òótọ́ pátápátá ni, o sì bá mi ṣe àtúnṣe. Bí ètò náà ṣe fẹ́ bá ẹ̀rọ gidi mu tó ni ó ń bèèrè agbára tó. Snes9x ń gba ọ̀nà àbùjá níbi tó bá rí i pé géèmù kò ní mọ̀. Ẹni tó kọ bsnes fẹ́ kí gbogbo ẹ̀yà inú SNES máa rìn pọ̀ ní ìṣísẹ̀ ìṣísẹ̀, láìsí àbùjá, nítorí pé àwọn géèmù díẹ̀ wà tí àbùjá yẹn máa ń bà jẹ́. Ẹ̀rọ kan náà, pírósẹ́sọ̀ tí kò pé mẹ́gáháàtì 4, ṣùgbọ́n owó orí tí àwọn ètò méjèèjì ń gbà kò dọ́gba.

Ní ti N64, ohun tó le níbẹ̀ ni pé àwọn tó ń ṣe géèmù lè kọ àṣẹ tiwọn sínú ẹ̀yà tó ń pèsè àwòrán sílẹ̀, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ló kọ ohun kan náà. Àwọn ètò tó yára máa ń mọ àwọn àṣẹ tó wọ́pọ̀, wọ́n sì ń fi àbùjá dá wọn lóhùn. Bí géèmù kan bá mú àṣẹ tirẹ̀ wá, òjìji tí o sọ yẹn ni yóò jáde. Ọ̀nà tó péye wà, nípa títẹ̀lé ẹ̀yà náà ní àṣẹ kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ó wúwo, ó sì fẹ́ràn ẹ̀rọ àwòrán tó gbọ́ Vulkan.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àgọ́-Ìwòyè

Nígbà tí a ti dé orí ọ̀rọ̀ àwòrán, mo ń lo Dolphin fún Géèmùkíúùbù. Ìyára rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí ohun tuntun bá jáde, bí iná tàbí omi, ó máa ń dúró gìrì fún ìṣẹ́jú-àáyá kan kí ó tó máa lọ. Lẹ́ẹ̀kejì tí mo bá dé ibẹ̀, kò ní dúró mọ́. Ṣé pírósẹ́sọ̀ náà ni?

Atúnrọṣe Òde

Pé kò dúró lẹ́ẹ̀kejì ni ìdáhùn rẹ̀. Ọ̀nà tí a óò gbà kun iná tàbí omi náà jẹ́ ètò kékeré kan tí kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ kọ fún ẹ̀rọ àwòrán kó tó lè kùn ún. Lẹ́yìn tó bá ti kọ ọ́ tán, ó ń fi í pamọ́. Nínú `Graphics` Dolphin, wo `Shader Compilation`. Bí o bá yan `Hybrid Ubershaders`, ètò ńlá kan yóò máa kùn ún títí kékeré yẹn yóò fi ṣetán, ìdúró náà yóò sì lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ àwòrán tó lágbára ni ó ń fẹ́. Bí o bá yàn án lórí èyí tó wà nínú pírósẹ́sọ̀, ó ṣeé ṣe kí o fi ìdúró díẹ̀ pààrọ̀ ìfàsẹ́yìn tí kò dáwọ́ dúró. Níbí, Ará Sábó, káàdì yín ni yóò jàre.

Ọmọ Ìpẹru

Ẹ̀gbọ́n, ìròyìn mi rèé. Mo tan MTVU, ìyára di 88%. VU wà ní 52%, EE kò sì kúrò ní 99%. Mo wá fi `EE Cycle Rate` sí 75%, ó kọ 100%, ohùn kò já mọ́. Mo fi aago ọwọ́ wọn ọ́n bí ẹ ṣe ní kí n ṣe: aago pápá àti tọwọ́ mi ń bára wọn lọ nínú bọ́ọ̀lù ọ̀sán. Nínú bọ́ọ̀lù tí òjò ń rọ̀, aago pápá ń fi díẹ̀ gbẹ́yìn, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe.

Ohun tó kù ni pé lẹ́yìn bí ìdajì wákàtí, ìyára já wá sí 80%, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sì ń pariwo bí jẹnẹrétọ̀ kékeré. Mo pa á, mo jẹun tán, mo tún ṣí i, ó tún padà sí 100%.

Atúnrọṣe Òde

Ooru ni. Wáàtì 15 ni wọ́n ṣe pírósẹ́sọ̀ yẹn fún, PS2 sì ń jẹ ẹ́ tán ní gbogbo ìgbà. Nígbà tí ìyára bá tún já, lọ sí `Performance` nínú `Task Manager`, kí o wo ohun tó kọ sí `Speed`. Bí ó bá wà ní nǹkan bí 2.6 nígbà tí ó tutù, tí ó wá já sí 1.9 tàbí kó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí ó gbóná, kò sí iyè méjì mọ́. Tòkunbọ̀ ni, ó ṣeé ṣe kí eruku ti dí ẹnu afẹ́fẹ́ rẹ̀, kí ọ̀rá tó wà láàárín pírósẹ́sọ̀ àti irin tó ń gba ooru sì ti gbẹ. Kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n pààrọ̀ ọ̀rá náà. Títí dìgbà náà, má gbé e lé orí bẹ́ẹ̀dì, gbé e sórí tábìlì, kí o fi nǹkan gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè.

Ará Sábó Ṣágámù

Àbá kan ni mo ní, ẹ má sì sọ pé mo tún ti dé o. Kí ó wá dísíìkì géèmù náà ti ìhà Yúróòpù. Àwòrán 50 ni ìyẹn ń gbé jáde ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, kì í ṣe 60. Iṣẹ́ ti dín ní ìdá kan nínú mẹ́fà nìyẹn, kò sì ní nílò kí ó dín `EE Cycle Rate` kù mọ́.

Atúnrọṣe Òde

Fún GS àti GPU, mo gbà pẹ̀lú yín. Fún EE, n kò gbà tán. Mẹ́gáháàtì PS2 ti Yúróòpù kò dín kù nítorí pé àwòrán dín kù, 295 yẹn náà ni PCSX2 gbọ́dọ̀ tú ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àgọ́-Ìwòyè

Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n, bí géèmù bá parí iṣẹ́ àwòrán kan ṣáájú àkókò, ṣé kì í kàn jókòó, kó máa yí po lójú kan títí àwòrán tó kàn? PCSX2 mọ irú ìyípo bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń fò ó kọjá. Bí iṣẹ́ bá dín kù, ìjókòó á pọ̀ sí i, ohun tí yóò fò kọjá náà á sì pọ̀ sí i.

Atúnrọṣe Òde

Fún géèmù tó bá ń jókòó bẹ́ẹ̀, o jàre. Àwọn kan kì í jókòó lọ́nà tí PCSX2 lè dá mọ̀, n kò sì tíì fi géèmù bọ́ọ̀lù yìí wò ó. Ọmọ Ìpẹru, ti ìhà wo ni dísíìkì tìrẹ?

Ọmọ Ìpẹru

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ẹ̀yìn páálí rẹ̀. Ti Yúróòpù ni, PAL ló wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí géèmù náà bá ń bẹ̀rẹ̀, ó máa ń bi mí bóyá 50 ni mo fẹ́ tàbí 60. 60 ni mo ti ń yàn láti ọjọ́ yìí wá. Bí iná bá dé lálẹ́ òní, màá dá `EE Cycle Rate` padà sí bó ṣe wà, màá yan 50, màá sì kọ iye EE síbí.

Ará Sábó Ṣágámù

Mo ń retí rẹ̀. Bọ́ọ̀lù òjò ni kí o fi wò ó.